Ẹ Yéé Pa Ìmọ̀ Iṣẹ́ Rẹ́ Lórí LinkedIn

Àwọn òǹkàwé ń ráhùn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fọwọ́ sí ìmọ̀ iṣẹ́ àwọn lórí LinkedIn, síbẹ̀ iṣẹ́ tí wọn ò fẹ́ ni wọ́n fi ń lọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ń gba owó ní káńtà báńkì. Ó ti kọ́ iṣẹ́ dátà, ipò Data Analyst ló sì ń wá. Àmọ́ Customer Service, tí ènìyàn 43 fọwọ́ sí, ló gbé sókè pátápátá. SQL, tí ènìyàn 2 péré fọwọ́ sí, wà nísàlẹ̀. Ta ni yóò wo ojú ìwé yẹn tí kò ní pè é ní òṣìṣẹ́ káńtà?

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìfọwọ́sí kì í ṣe ti ẹni tó ni ojú ìwé. Orúkọ ìmọ̀ tí wọ́n tẹ̀ gan-an ló so mọ́. Data Analytics àti Data Analysis, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni LinkedIn kà wọ́n sí. Ènìyàn 31 ti fọwọ́ sí Data Analytics fún òǹkàwé wa yìí. Nígbà tó rí i pé Data Analysis ni àwọn ìkéde iṣẹ́ ń kọ, ó sanwó fún ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní alátùn-únṣe ìwé ìwáṣẹ́. Onítọ̀hún pa Data Analytics rẹ́, ó kọ Data Analysis. Orí òdo ni tuntun ti bẹ̀rẹ̀! Ó yẹ kó fi tuntun kún un ni, kó sì fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Ká fa ìmọ̀ tó bá iṣẹ́ tí à ń wá mu lọ sókè ló tọ́, kì í ṣe ká pa èyí tó wà tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ẹ lọ sí Skills, ẹ tẹ Reorder, kí ẹ fa Data Analysis, SQL àti Power BI sókè. Iye ìfọwọ́sí kò ní kí ẹ má gbé SQL oní-2 ka orí Customer Service oní-43. Ẹ tètè ṣe é kí ẹ tó bẹ ẹnikẹ́ni fún ìfọwọ́sí, nítorí díẹ̀ tó wà lókè nìkan ló hàn. Ìyókù ti fara pamọ́ sẹ́yìn Show all. Ohun tí ojú alábàáṣiṣẹ́ yín bá kọ́kọ́ rí ni yóò tẹ̀. Ọ̀gá tó ti lo ìjábọ̀ owó-yíyá tí ẹ fi SQL ṣe ni kí ẹ bẹ̀ fún SQL.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan ń ta ìfọwọ́sí lórí Wáásáàpù. Olè ni wọ́n! Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ lè ṣí ìmọ̀ náà kó rí orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí i àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Bí àwọn tí kò mọ ohun tí SQL ń jẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rí èké ló máa kà á sí. Irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi í pamọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láìpa ìmọ̀ náà rẹ́. Nítorí ohun tí alátùn-únṣe yẹn ṣe sí òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún alátùn-únṣe kankan ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín.