Ìṣẹ́jú mẹ́fà àbọ̀ kì í ṣe 6.30

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ nígbà kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ tó sá eré kìlómítà 10. "Sà, ẹsẹ̀ já mi kulẹ̀ o. Mo ṣírò ìṣẹ́jú 63, 65 ni mo fi parí ẹ̀." Ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 30 ló fi sá kìlómítà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe pinnu gẹ́lẹ́. Mo bi í pé kí ló tẹ̀ sórí fóònù. Ó ní 6.30, lọ́nà 10.

Ẹsẹ̀ ẹ̀ kò jẹ̀bi. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá ló ń di ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, 6.5 ló yẹ kó tẹ̀. Èmi máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni: ìṣẹ́jú 6 lọ́nà 10 jẹ́ 60, ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ́nà 10 jẹ́ 300, ìyẹn ìṣẹ́jú 5. Ó di 65.

Tẹ́ ẹ bá dé kìlómítà 5, 32:30 ló yẹ kẹ́ ẹ rí lára aago. Bó bá jẹ́ 33:30, ẹ ti pẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín ìṣẹ́jú yẹn sí kìlómítà 5 tó kù, ìṣẹ́jú àáyá 12 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan: 6:18 lẹ máa wá fi sá a. Tó bá jẹ́ pé òkè ló kù níwájú, ẹ má dán an wò.