Lẹ́tà sí Baálẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Mú Ìdílé fún Ìwádìí

Kí àwọn olùwádìí tó wọ abúlé láti bi àwọn ará ibẹ̀ ní ìbéèrè, olùrànlọ́wọ́ olùwádìí ni ó máa ń kọ̀wé sí baálẹ̀. Lẹ́tà náà máa ń sọ ẹni tó rán wọn, ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè àti ọjọ́ tí wọn yóò dé. Ṣùgbọ́n ibi tó le jù nínú rẹ̀ ni ibi tí yóò ti ṣàlàyé ìdí tí wọn yóò fi kan ilẹ̀kùn ìdílé kan, tí wọn yóò sì fo ti aládùúgbò rẹ̀. Bí ibẹ̀ kò bá yé baálẹ̀, àríyànjiyàn dé. Ẹni tí wọ́n fò yóò ní owó ìrànwọ́ ìjọba ni wọ́n fi du òun, ẹni tí wọ́n kàn yóò sì máa béèrè ẹni tó fi orúkọ òun sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni ẹjọ́ méjèèjì yóò ti pàdé.

Ìwé kíkà ìdílé ni ó yẹ kí lẹ́tà náà kọ́kọ́ sọ. Kò sí bí wọ́n ṣe lè mú láìṣojúsàájú nínú ohun tí wọn kò tíì kà tán. Nítorí náà, àwọn akàwé yóò yí gbogbo abúlé ká, títí dé gáà àwọn Fúlàní àti ahéré tó wà lẹ́yìn odò, wọn yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ẹnu ọ̀nà. Ìdílé ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ilé. Àwọn tó ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń jẹun pọ̀, tí wọ́n sì gba ẹnì kan ní olórí wọn, ni ìdílé kan. Bí ilé oníyàrá mẹ́jọ kan bá wà, tí ayálégbé mẹ́fà wà nínú rẹ̀, tí kálukú ń dá oúnjẹ tirẹ̀ sè, ìdílé mẹ́fà ni wọn yóò kọ, nọ́ńbà mẹ́fà ni yóò sì wà lára ilẹ̀kùn wọn. Ẹni tó bá ka ilé náà sí ẹyọ kan ti dín àǹfààní àwọn ayálégbé kù, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ni wọn kì í sábà rí ẹni gbẹnu sọ fún wọn níwájú baálẹ̀.

Ká ní wọ́n kà á tán, ìdílé 195 ló sì wà nínú ìwé, 30 ni ìwádìí sì fẹ́. Wọn yóò fi 30 pín 195, yóò jẹ́ 6.5. Èyí ni ìṣísẹ̀ tí wọn yóò máa gbé láti orí ìdílé kan dé orí èyí tó kàn. Ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ló kù, kèké ni yóò sì sọ ọ́. Wọ́n lè kọ 1 títí dé 65 sára ìwé péépèèpé, kí wọ́n ká wọn, kí wọ́n gbọ̀n wọ́n nínú igbá, kí ọmọ kékeré kan sì mú ẹyọ kan lójú baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè. Bí 32 bá jáde, wọn yóò fi 10 pín in, yóò di 3.2. Wọn yóò wá máa fi 6.5 kún un: 3.2, 9.7, 16.2, 22.7, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 191.7. Wọn yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè sí odidi nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ìdílé 4, 10, 17 àti 23 ni yóò ṣíwájú, 192 ni yóò sì kẹ́yìn. Bí a bá kà wọ́n, 30 géérégé ni. Ní ọ̀nà yìí, nínú ìdílé 13 kọ̀ọ̀kan, àǹfààní mímú méjì ló wà, ìbáà jẹ́ ààfin baálẹ̀, ìbáà jẹ́ ahéré.

Ibi ìdajì yẹn ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Olùrànlọ́wọ́ tó bá ń sá fún ìnira á ní kí òun kúkú máa fi 6 ṣísẹ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín 1 sí 6, yóò ti mú 30 pé kó tó kọjá nọ́ńbà 180. Ìdílé 15 tó kẹ́yìn ìwé kò ní lè bọ́ sí i láé. Àwọn wo ló sì máa ń kẹ́yìn ìwé? Àwọn tó jìnnà sí ojú ọ̀nà ni: gáà, oko àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ó bá sì fi 7 ṣísẹ̀, ìwé yóò tán nígbà tó bá mú 27 tàbí 28. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é dáadáa kò ní láti jẹ́ ọ̀mọ̀wé: kó wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú àwọn tí wọ́n mú, kó sì wò ó bóyá ó sún mọ́ ìparí ìwé.

Nígbà tí àlàyé bá dé ibí, èdè lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ rọrùn, kó sì lọ́wọ̀. Ó lè lọ báyìí: “Baálẹ̀ wa, kí ẹ̀mí yín gùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa yan àwọn ìjòyè tí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣẹ́ kèké. Àwa kọ́ la máa yan ìdílé, ẹ̀yin náà kọ́. Ìdílé tí kèké bá mú, a ò ní fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kèké kò mú kò ṣẹ̀, kò sì pàdánù owó tàbí ẹ̀bùn kankan, nítorí a kò mú ìrànwọ́ wá.”

Gbólóhùn nípa rírọ́pò yẹn ló máa ń le jù lọ fún baálẹ̀ láti gbà, inú rere ló sì máa ń fà á. Yóò ní ìyá ìdílé 17 ti lọ sọ́jà, kí wọ́n wọ ilé tó kàn, èèyàn wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tó wà nílé lọ́sàn-án kò jọ àwọn tí kò sí nílé. Àgbàlagbà àti ìyálọ́mọ ló wà nílé. Oníṣòwò, àgbẹ̀ àti ọlọ́kadà ló jáde. Bí ìwádìí bá ń béèrè ẹni tó sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn lálẹ́ àná, tí wọ́n sì ń fi àwọn tó wà nílé rọ́pò àwọn tó jáde, abúlé míì ni èsì náà yóò ṣàpèjúwe, kì í ṣe abúlé yìí. Ohun tó tọ́ ni pé kí wọ́n padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní àárọ̀ kùtù. Bí wọ́n bá lọ lọ títí tí wọn kò bá ìdílé náà, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò bá a. Ìdílé 26 tó dáhùn nínú 30 sàn ju 30 tí wọ́n fi mẹ́rin àrọ́pò dí lọ.

Ìlànà yìí kan náà ni wọ́n tẹ̀ lé nínú ìwádìí ńlá tí àjọ ìkànìyàn Nàìjíríà ṣe lórí ìlera àti ètò ìdílé ní 2018. Àdúgbò 1,400 ni wọ́n mú káàkiri orílẹ̀-èdè, ìdílé 30 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ ìdílé sí, ètò kọ̀ǹpútà ló sì mú àwọn tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀. Wọn kò gba ìrọ́pò kankan láàyè.

Ohun kan kù tí lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ gbàgbé. Àṣẹ baálẹ̀ ṣí ẹnu ọ̀nà abúlé, kò ṣí ẹnu ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni. Ìdílé tí kèké mú ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun kò fẹ́ dáhùn, ó sì lè dá ọ̀rọ̀ dúró ní àárín méjì láìsí ìyà. Ohun tí ìdílé bá sọ kò ní dé etí baálẹ̀, ìyẹn náà sì gbọ́dọ̀ hàn nínú lẹ́tà, kí baálẹ̀ má baà béèrè rẹ̀ nígbà tó bá yá. Kí baálẹ̀ tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jọ̀wọ́ ní kí wọ́n kà á sókè níwájú àwọn ìjòyè, kí ó tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ó sì rán akéde jáde kí àwọn akàwé tó dé.