"Lé" Kì Í Ṣe "Dín": Ohun Tí Ímeèlì Bọ́jẹ́ẹ̀tì Fojú Mi Rí

Bẹ́ ẹ bá ń bi ara yín pé kí ló dé tí àwòrán kò sí nínú ìwé ògiri wa tó kọjá, èmi akọ̀wé lẹ máa bá wí.

Ẹgbẹ́ wa béèrè ₦60,000 fún káádíbọ́ọ̀dù, gọ́ọ̀mù àti owó tí a fi máa tẹ àwòrán ní Jákàńdè. Olùkọ́ wa gbà, àmọ́ wọ́n ní ká yọ 10% kúrò. Wọ́n ní kí n kọ ímeèlì tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí akápò. Mo kọ ọ́ báyìí:

"A fọwọ́ sí ₦46,000 (ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́ta náírà), lẹ́yìn tí a yọ 10% kúrò nínú ₦60,000."

Akápò wo náńbà, wọ́n sì san ₦46,000. Ló bá ku ₦8,000, onítẹ̀wé ò sì gbà ká jẹ gbèsè.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Mẹ́rin lé ní àádọ́ta ni 54. Mẹ́rin dín ní àádọ́ta ni 46. "Lé" àti "dín" nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. "Lé" lẹnu mi ń pè, "dín" lọwọ́ mi tẹ̀.

Èwo ló tọ̀nà? Ẹ ṣírò ó: 60,000 × 10 ÷ 100 = 6,000. Yọ 6,000 kúrò nínú 60,000, 54,000 ló kù. Ọ̀rọ̀ ló tọ̀nà, náńbà ló ṣìnà. Bí mi ò bá kọ iye tí a ti yọ 10% kúrò, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Lórí sọ̀wédowó, bí ọ̀rọ̀ àti náńbà bá ta kora, òfin Nàìjíríà ní ọ̀rọ̀ ni ká tẹ̀ lé. Ímeèlì kì í ṣe sọ̀wédowó ní tiẹ̀. Ohun tí ojú akápò bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n máa san.

Ẹ ṣọ́ra fún "ìdá" náà. Ìdá márùn-ún ₦60,000 ni ₦12,000, torí apá kan nínú márùn-ún ni. Àmọ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 5%, kò ju ₦3,000 lọ. Ẹ kọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ sì fi àmì % sí i.

Ẹ má sì kọ "54k". Àwa ọmọ ìwòyí ń fi k pe ẹgbẹ̀rún, àmọ́ láti ọdún 1973 tí náírà ti dé ni k ti ń dúró fún kọ́bọ̀. ₦54,000 ni kẹ́ ẹ kọ, bákan náà láti òkè délẹ̀.

Ímeèlì kejì tí mo kọ rèé:

"A béèrè ₦60,000. A yọ 10% rẹ̀, ìyẹn ₦6,000. A fọwọ́ sí ₦54,000 (ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́ta náírà)."

Akápò kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì san ₦8,000 tó kù. Àwọn àwòrán náà ló wà nísàlẹ̀ yìí.