Bí Sáfà Inú Ilé Ṣe Ń Di Ohun Tí Ará Ìta Lè Rí

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ọgbà ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó wà nísàlẹ̀ ilé tí oníṣẹ́ náà ń gbé, tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti omi inú ọ̀rá láàárín Ìkẹjà sí Agége. Oníṣẹ́ yìí ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ń lo Debian. Orí rẹ̀ ni nginx ti ń ṣiṣẹ́ sáfà, tó sì ń gbé ojú ìwé kan jáde tí iye owó iṣẹ́ àti ibi tí iṣẹ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan dé dúró wà. Ẹni tó bá wà lórí Wáì-fáì ṣọ́ọ̀bù lè tẹ `http://192.168.1.50` sórí fóònù rẹ̀, yóò sì rí i. Oníbàárà tó jókòó sí Agége tẹ ohun kan náà, kò rí nǹkan kan. Ráútà ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 wà lára àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún lílo nínú ilé àti ọ́fíìsì nìkan. Irú rẹ̀ kan náà wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ọgbà, Íńtánẹ́ẹ̀tì kò sì mọ ọ́n rárá. Bí láptọ́ọ̀pù bá fẹ́ ránṣẹ́ síta, ráútà ni yóò yọ àdírẹ́sì abẹ́lé yẹn kúrò, tí yóò fi ti ara rẹ̀ rọ́pò, tí yóò sì rántí ẹni tó ránṣẹ́, kí èsì lè padà dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ti ìta wá láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú ilé ló kọ́kọ́ pe ẹni náà, kò sí nínú ohun tí ráútà rántí, yóò sì jù ú nù. Ráútà dà bí mẹ́gádì tí wọn kò sọ fún pé àlejò ń bọ̀: kò mọ yàrá tí yóò mú un lọ, nítorí náà kò ní ṣílẹ̀kùn. Ìlànà tí a fẹ́ kọ sínú ráútà, tí wọ́n ń pè ní `Port Forwarding` lórí ojú ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ni ọ̀rọ̀ tí a sọ sílẹ̀ fún mẹ́gádì yìí: ẹni tó bá béèrè póòtù báyìí, láptọ́ọ̀pù báyìí ni kí o mú un lọ bá. Nọ́ńbà ni póòtù, kò ju 65535 lọ. Ojú ìwé lásán máa ń dúró sórí 80, èyí tó ní ààbò a sì dúró sórí 443.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn sáré lọ kọ ìlànà yìí kó tó wo irú àdírẹ́sì tí ráútà fúnra rẹ̀ ní níta. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Èkó ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ sí òkè òkun. Ẹ ṣí ojú ìwé ráútà nínú búráósà, `192.168.1.1` tàbí `192.168.0.1` lórí ọ̀pọ̀ wọn, `192.168.8.1` lórí ọ̀pọ̀ ráútà Huawei tó ń lo káàdì síìmù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `WAN IP` sí, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ béèrè lọ́wọ́ ayé ìta pé àdírẹ́sì wo ni wọ́n fi ń rí yín:

```
curl -4 https://ifconfig.me
```

Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jọ, ọ̀nà là, ẹ lè tẹ̀síwájú. Bí wọn kò bá jọ, ìlànà yòówù kẹ́ ẹ kọ sínú ráútà yín kò ní ṣiṣẹ́, nítorí ráútà mìíràn wà níwájú tiyín. Ẹ tún wo nọ́ńbà WAN náà dáadáa. Bó bá jẹ́ 192.168 ló fi bẹ̀rẹ̀, bóyá àpótí tí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì gbé wá ni ó ń ṣiṣẹ́ ráútà, tí ẹ sì tún gbé tiyín sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n sọ àpótí ìṣáájú di afárá lásán, tàbí kẹ́ ẹ kọ ìlànà sínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé láàárín 100.64 sí 100.127 ni nọ́ńbà náà bọ́ sí, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ọ̀wọ́ nọ́ńbà yìí ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 2012. Àwọn mìíràn a máa lo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 fún iṣẹ́ kan náà.

Kì í ṣe ìwà ìkà ló fà á. Àdírẹ́sì oríṣi àtijọ́, IPv4, kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ fún gbogbo ayé, apá tiwa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní oṣù Kìíní 2020 ni AFRINIC, tó ń pín in fún Áfíríkà, wọ ìpele tó kẹ́yìn, níbi tí kì í ti fún ẹni tó béèrè ju 1024 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ilé-iṣẹ́ fóònù tó ní ọ̀kẹ́ àìmọye oníbàárà kò lè rí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fún un. Ìdí nìyẹn tí ráútà tó ń lo káàdì síìmù fi sábà máa ń bọ́ sẹ́yìn àdírẹ́sì àjọlò. Starlink tó dé Nàìjíríà ní 2023 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé gbígbé. Wáyà fáíbà ló ṣeé ṣe jù kí èèyàn ti rí àdírẹ́sì tirẹ̀, àmọ́ ó yẹ kẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: ẹ sọ fún wọn pé àdírẹ́sì IPv4 ti gbogbogbòò lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá ó máa ń yí padà. Àwọn kan ń gba owó lórí rẹ̀ lóṣooṣù.

Ká ní nọ́ńbà méjèèjì ti oníṣẹ́ Ọgbà wa jọ, tí ayé ìta ń rí i ní `203.0.113.45`. (Nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni, ẹ má tẹ̀ ẹ́.) Kó tó kọ ìlànà, ó gbọ́dọ̀ so láptọ́ọ̀pù mọ́ àdírẹ́sì abẹ́lé kan, nítorí ráútà ló ń pín àdírẹ́sì, bí iná bá sì lọ tó bá padà dé, ó lè fún láptọ́ọ̀pù ní nọ́ńbà tuntun. Nígbà náà, ìlànà yóò máa darí àlejò sí fóònù ẹnì kan. Ní abẹ́ `DHCP`, ó wá `Address Reservation`, ó sì so nọ́ńbà ara láptọ́ọ̀pù, tí wọ́n ń kọ ní `MAC`, mọ́ `192.168.1.50`.

Ìlànà náà kò gùn. Lórí ọ̀pọ̀ TP-Link, ó wà ní `Advanced`, lábẹ́ `NAT Forwarding`; orúkọ rẹ̀ ni `Virtual Servers` tàbí `Port Forwarding`. Ó fi `External Port` sí 8080, `Internal IP` sí 192.168.1.50, `Internal Port` sí 80, `Protocol` sí `TCP`, ó sì tọ́jú rẹ̀. Ó yan 8080 níta nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan máa ń dí 80 lójú ọ̀nà ilé gbígbé. Bí `ufw` bá ń ṣọ́ láptọ́ọ̀pù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí 80 wọlé níbẹ̀ pẹ̀lú:

```
sudo ufw allow 80/tcp
```

Ìdánwò kì í ṣe láti orí Wáì-fáì ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ráútà kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìbéèrè tó ti inú ilé jáde tó tún fẹ́ padà wọlé, ìdánwò náà á kùnà nígbà tí nǹkan kan kò bàjẹ́. Ẹ pa Wáì-fáì lórí fóònù, kẹ́ ẹ fi dátà tẹ àdírẹ́sì ìta tiyín, bí `http://203.0.113.45:8080`.

Bí kò bá ṣí, ẹ wo bó ṣe kọ̀. Bó bá kọ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà púpọ̀ ìbéèrè ti dé ibì kan tí kò sí ẹni tó ń dúró dè é: nginx ti kú, tàbí ó ń gbọ́ láti inú ara rẹ̀ nìkan. Lórí láptọ́ọ̀pù, `ss -tln` gbọ́dọ̀ fi `0.0.0.0:80` hàn. Bó bá jẹ́ `127.0.0.1:80`, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Bó bá kàn ń yí tó ń yí títí ó fi rẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ló ń ju ìbéèrè náà nù. Láti mọ ibi tó ti ń nù, ẹ tẹ èyí sórí láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú lórí fóònù:

```
sudo tcpdump -ni any 'tcp port 80'
```

Bí ìlà tuntun bá ń jáde tí kò sí èsì lára wọn, ìbéèrè dé. Ẹ̀ṣọ́ inú láptọ́ọ̀pù ló dí i. Bí kò bá sí ìlà kankan, kò tíì kọjá ráútà, ẹ padà lọ wo ìlànà àti àdírẹ́sì WAN. Ohun kan ṣoṣo yìí máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìméfò.

Ìṣòro tó kù ni ti iná. Bí nẹ́pà bá mú iná lọ, ráútà á kú, bó bá sì padà jí, ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì lè fún un ní àdírẹ́sì ìta mìíràn. Oníbàárà tó tọ́jú 203.0.113.45 á wá máa kan ilẹ̀kùn ẹlòmíì. Ojútùú rẹ̀ ni orúkọ tó ń tẹ̀lé àdírẹ́sì, irú èyí tí DuckDNS ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́: láptọ́ọ̀pù á máa sọ àdírẹ́sì tuntun fún un, àwọn oníbàárà á máa tẹ orúkọ. Kí ráútà àti láptọ́ọ̀pù wà lórí ìnfátà, ìyẹn á dín ìyípadà náà kù, àmọ́ kò ní pa á rẹ́.

Fún ẹni tó wà lẹ́yìn àdírẹ́sì àjọlò, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ ta òmíràn fún un, ọ̀nà tó kù ni kí láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ jáde lọ dúró síta. Ẹni náà yóò yá sáfà kékeré kan tó ní àdírẹ́sì tirẹ̀, láptọ́ọ̀pù yóò pè é láti inú ilé, yóò sì ṣí ọ̀nà ìpadàbọ̀ sílẹ̀:

```
ssh -N -R 8080:localhost:80 user@203.0.113.20
```

Lórí sáfà tó yá, `GatewayPorts yes` gbọ́dọ̀ wà nínú `sshd_config`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú sáfà yẹn nìkan ni póòtù náà yóò ti ṣí. Nítorí pé inú ilé ni ìpè ti jáde, ẹni àárín kankan kò ní dá a dúró.

Ọ̀nà yòówù kí ó gbà, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kì í pẹ́ kí àlejò àìmọ̀ tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ka `/var/log/nginx/access.log`, ẹ ó rí àwọn tó ń béèrè `/wp-login.php` àti `/.env` lórí láptọ́ọ̀pù tí kò ní ìkankan. Ẹ̀rọ ni wọ́n, wọ́n ń gbá gbogbo àdírẹ́sì kiri. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ ṣí ju póòtù kan tí ẹ nílò lọ. Ẹ má fi láptọ́ọ̀pù sí `DMZ` nítorí pé ìlànà kọ̀, torí ìyẹn á ṣí gbogbo póòtù rẹ̀ fún ayé. Ẹ pa `Remote Management` lórí ráútà, kẹ́ ẹ sì yí páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ padà. Níwọ̀n ìgbà tí ojú ìwé náà bá wà lórí 80 lásán, kí oníbàárà má tẹ páásíwọ́ọ̀dù kankan sínú rẹ̀, nítorí ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà lè kà á. Iye owó lébẹ́ẹ̀lì kò ní àṣírí; nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà ní.