Ìyípadà ìlù ọkàn nínú ìyípo nǹkan oṣù

Ìyípadà ìlù ọkàn nínú ìyípo nǹkan oṣù ni bí iye ìgbà tí ọkàn obìnrin ń lù ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ara rẹ̀ wà ní ìsinmi, ṣe máa ń lọ sókè tí ó sì máa ń padà sílẹ̀ láàárín nǹkan oṣù kan sí òmíràn. Ìlù náà máa ń wà nílẹ̀ jù lọ ní àwọn ọjọ́ tí obìnrin ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, ó sì máa ń ga jù lọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde. Ìyàtọ̀ àárín ìgbà méjèèjì sábà máa ń wà láàárín ìlù 2 sí 4 ní ìṣẹ́jú kan. Ó kéré débi pé ẹni tí ó fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ láti kà á lẹ́ẹ̀kan kò lè rí i. Aago ọwọ́ ìgbàlódé, tí ń ka ìlù ọkàn ní gbogbo òru, ni ó mú kí ó ṣeé rí.

Ohun tí ó fà á

Ní apá àkọ́kọ́ ìyípo, ẹyin kan máa ń dàgbà nínú àpò kékeré kan ní ilé ẹyin. Nígbà tí ẹyin náà bá jáde, àpò tí ó ṣẹ́ kù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mónù kan tí a ń pè ní projẹ́sítírónù sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mónù yìí ni ó ń múra ilé ọmọ sílẹ̀ de oyún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Ó máa ń mú kí ara gbóná díẹ̀ sí i, ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú mẹ́wàá ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kan, ó sì máa ń mú kí mímí pọ̀ díẹ̀ sí i. Ní àsìkò kan náà, agbára àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ń dẹ ọkàn lára máa ń dín kù díẹ̀. Àpapọ̀ nǹkan wọ̀nyí ni ó ń mú kí ọkàn yára díẹ̀. Bí oyún kò bá dúró, àpò náà yóò rọ, projẹ́sítírónù yóò wálẹ̀, nǹkan oṣù yóò dé, ìlù ọkàn yóò sì padà sílẹ̀.

Bí aago ọwọ́ ṣe ń kà á

Lábẹ́ aago náà ni iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé wà, pẹ̀lú ojú kékeré kan tí ń wo ìmọ́lẹ̀ tí ó padà wá láti inú awọ ara. Ẹ̀jẹ̀ máa ń fa ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mu. Nígbàkúgbà tí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i yóò gba ọrùn ọwọ́ kọjá, ìmọ́lẹ̀ tí ó padà yóò sì dín kù fún ìgbà díẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Aago náà yóò ka iye ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Òru ni kíkà yìí dára jù, nítorí pé ọwọ́ kò mì, ẹni náà kò sì rìn tàbí bínú.

Nítorí pé awọ dúdú náà máa ń fa ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mu, àwọn ènìyàn ti béèrè bóyá aago yìí lè ka ti adúláwọ̀ dáadáa. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Dúùkù ní Amẹ́ríkà dán àwọn aago bẹ́ẹ̀ wò lára ènìyàn 53 tí àwọ̀ ara wọn yàtọ̀ síra, wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní 2020. Wọn kò rí ìyàtọ̀ tí ó ṣe gbòógì láàárín àwọ̀ kan sí òmíràn. Mímì ara ni ó ń mú kí aago ṣìṣe jù.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Súríìkì, orílẹ̀-èdè Swítsàlandì, gbé àbájáde ìwádìí lórí obìnrin 91 jáde. Àwọn obìnrin náà so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn ọwọ́ sùn, wọ́n sì fi àyẹ̀wò ìtọ̀ mọ ìgbà tí ẹyin ń jáde, títí tí ìyípo 274 fi pé. Ní àwọn ọjọ́ tí obìnrin lè lóyún, ìlù ọkàn fi 2.1 ga ju ti ìgbà nǹkan oṣù lọ. Ní àárín apá kejì ìyípo, ó fi 3.8 ga ju ti ìgbà nǹkan oṣù lọ.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní obìnrin kan ń gbé ní Ìsọlọ̀, tí ó sì ń tajà ní Òṣòdì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìyípo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28. Láti ọjọ́ kejì dé ọjọ́ kẹfà, aago rẹ̀ kọ 61, 64, 60, 63 àti 62. Láti ọjọ́ kọkàndínlógún dé ọjọ́ kẹtàlélógún, ó kọ 65, 63, 68, 66 àti 68. Bí ó bá mú òru ọjọ́ kẹta, tí í ṣe 64, wé òru ogúnjọ́, tí í ṣe 63, yóò rò pé ìlù ọkàn òun wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ro òru márùn-márùn pọ̀ tí ó sì pín wọn, yóò rí 62 àti 66. Ìyàtọ̀ 4 ti hàn.

Ká tún ní ibà mú un ní ọjọ́ kọkànlélógún, tí aago sì kọ 78 dípò 68. Ìpíndọ́gba yóò di 68, ìyàtọ̀ yóò sì dà bí ẹni pé ó jẹ́ 6. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ó to àwọn nọ́ńbà márùn-ún láti kékeré dé ńlá, kí ó mú èyí tí ó wà láàárín: 63, 65, 66, 68, 78. Nọ́ńbà àárín ṣì jẹ́ 66, ti ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo sì jẹ́ 62. Òru kan tí ó burú kò ba ìṣirò náà jẹ́.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ibà lè fi ìlù bíi 10 kún ìlù ọkàn fún ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kan tí ara bá fi gbóná sí i. Yàrá tí ó gbóná nítorí pé iná lọ tí fáànù sì dúró, ọtí alẹ́, àti àìsùn tó náà ń gbé e sókè. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín wọn: èyí tí ìyípo fà máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ibà fà sábà máa ń fò sókè lójijì. Lára ẹni tí ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí kì í jẹ́ kí ẹyin jáde, ìgòkè náà lè má hàn rárá.

Ewu tí ó tóbi jù ni kí a fi nọ́ńbà aago yẹra fún oyún. Ẹyin kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn tí ó bá jáde, ṣùgbọ́n àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún. Nítorí náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọjọ́ tí obìnrin lè lóyún ṣáájú ìgbà tí ẹyin ń jáde, nígbà tí ìgòkè ìlù 2 ṣì fara pa mọ́ sínú ìyàtọ̀ òru kan sí èkejì. Nígbà tí ìgòkè náà bá fi máa hàn kedere, ọjọ́ wọ̀nyí ti kọjá. Bí ìlù ọkàn kò bá sì padà sílẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí nǹkan oṣù dé, ó lè jẹ́ oyún, ó sì lè jẹ́ àìsàn; àyẹ̀wò ìtọ̀ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́.