Ohun tó wà nínú páálí júùsì

Júùsì ni omi tí wọ́n fún láti inú èso tó pọ́n, tí wọn kò bu omi míì lé, tí wọn kò sì fi àwọ̀ sí. Ohun tí èso fúnra rẹ̀ ní ló wà nínú rẹ̀. Àjọ Kódẹ́ẹ̀sì, tí àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ gbé kalẹ̀, fi ìlànà kan lélẹ̀ lórí júùsì àti nẹ́kítà ní 2005. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ṣúgà díẹ̀ sí júùsì níbi tí òfin ti gbà á láyè, ìlànà náà ní kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Òfin Yúróòpù le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò gba ṣúgà kankan nínú ohun tó bá ń jẹ́ júùsì.

Nẹ́kítà yàtọ̀. Omi èso tàbí èso lílọ̀ ni, tí wọ́n bu omi sí, tí wọ́n sì sábà máa ń fi ṣúgà sí. Kò sí ẹ̀tàn nínú èyí. Máńgòrò àti gúáfà tí a bá lọ̀ máa ń ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, kò ṣeé mu láìbu omi sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni iye èso tó kù. Kódẹ́ẹ̀sì ní nẹ́kítà ọsàn kò gbọ́dọ̀ ní èso tó kéré sí ìdá 50 nínú 100, ti máńgòrò kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ìdá 25.

Ẹ jẹ́ ká wo páálí nẹ́kítà máńgòrò oní-lítà kan, tí wọ́n kọ ìdá 25 sí lára, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé gíráàmù 12 ṣúgà wà nínú mílílítà 100. Ṣúgà inú páálí náà jẹ́ gíráàmù 120 lápapọ̀. Èso inú rẹ̀ kò ju mílílítà 250 lọ, ṣúgà tí máńgòrò bẹ́ẹ̀ sì máa ń gbé wá fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 34. Gíráàmù 86 tó kù, wọ́n dà á sí i ni. Bí ṣíbí tíì kan bá gba gíráàmù 4, ó lé ní ṣíbí 21. Ọmọ tí wọ́n gbé páálí yìí fún pé kó fi jẹ èso, ṣúgà ló mu jù.

Júùsì dírìǹkì ló kẹ́yìn, ìlànà Kódẹ́ẹ̀sì yìí kò sì yan iye èso kankan fún un. Ìdá 10 lè wà níbẹ̀, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Ásíìdì sítíríìkì ló ń fún un ní kíkan, àwọ̀ àti òórùn àtọwọ́dá ló ń jẹ́ kó jọ ọsàn, gọ́ọ̀mù ló sì ń mú un ki. Nítorí náà, kíki kì í ṣe ẹ̀rí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó rọ̀ sísàlẹ̀ páálí pàápàá kò tó láti fi ṣèdájọ́, torí júùsì ápù tí wọ́n sẹ́ dáadáa kì í ní in. Nọ́ńbà NAFDAC fi hàn pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀, kò sọ dírìǹkì di júùsì.

Ọ̀rọ̀ “fúróòmù kọ́ńsẹ́ńtíréètì” ló ń kó àwọn èèyàn lọ́kàn sókè jù. Ọ̀nà tí júùsì gbà dé inú páálí ló ń sọ, kò sọ iye èso tó wà níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ São Paulo ní Bùràsíìlì, orílẹ̀-èdè tó ń ta omi ọsàn sílẹ̀ òkèèrè jù lọ láyé, wọ́n máa ń fún ọsàn tán, wọn a sì sè é nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kí omi lè tètè fà láìsí ooru púpọ̀. Ohun tó kù á ki bí oyin. Gíráàmù 100 rẹ̀ ní ohun tó yòrò látinú ọsàn tó tó gíráàmù 66, ṣúgà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọn a mú un di yìnyín, wọn a fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ, torí kò sí ẹni tó fẹ́ san owó ọkọ̀ lórí omi lásán. Ilé iṣẹ́ tó rà á ló máa dá omi padà sí i: kílò kan kọ́ńsẹ́ńtíréètì pẹ̀lú nǹkan bíi lítà omi mẹ́rin àbọ̀ á di júùsì tó dùn bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òórùn ọsàn máa ń bá ooru lọ. Wọ́n máa ń gbà á sílẹ̀, wọn a sì dá a padà, àmọ́ kì í pé bí ti àárọ̀.

Torí náà, júùsì tó wá látinú kọ́ńsẹ́ńtíréètì lè jẹ́ ìdá 100 nínú 100 láìparọ́, nẹ́kítà náà sì lè wá látibẹ̀. Èyí ló ń ṣi àwọn tó ń ka àkójọ èròjà lọ́nà. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, wọ́n sì lè kọ omi ṣáájú lára ojúlówó júùsì, torí omi tí wọ́n dá padà ni. Bí ó bá jẹ́ omi àti kọ́ńsẹ́ńtíréètì ọsàn nìkan ló wà níbẹ̀, júùsì ni. Bí ṣúgà bá tẹ̀ lé omi, tí kọ́ńsẹ́ńtíréètì wá kẹ́yìn wọn, nẹ́kítà tàbí dírìǹkì ni, ìdá tí wọ́n kọ sára páálí ni yóò sì sọ èwo nínú méjèèjì.