Owó Ti Kúrò, Tókìn Ò Dé: Níbo Ni Nọ́ńbà Ogún Yẹn Wọlẹ̀ Sí?

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń lo mítà pírípéèdì ló ti rí irú èyí rí. Ẹ sanwó iná lórí fóònù, báńkì ní owó ti kúrò, àmọ́ nọ́ńbà ogún tí ẹ fẹ́ tẹ̀ sínú mítà ò yọjú. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tàbí káàdì géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà lásán ni ọjà tí a rà, bí nọ́ńbà ò bá sì dé, ọjà ò tíì dé nìyẹn.

Ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: ṣé wọn ò tíì ṣe tókìn yẹn rárá ni, àbí wọ́n ti ṣe é, ọ̀nà ló gbé e sọnù? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n rí lójú fóònù.

Ohun tó wà nínú tókìn

IBEDC ló ń pín iná fún Ara, Èjìgbò àti ìyókù ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlànà kan tó ti Gúúsù Áfíríkà wá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ STS, ni àwọn mítà wa ń tẹ̀ lé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni pé mítà ò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì kankan láti mọ̀ pé ẹ ti sanwó. Inú nọ́ńbà ogún yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: iye yúníìtì tí ẹ rà, ìṣẹ́jú tí wọ́n ṣe tókìn náà, àti nọ́ńbà kékeré kan tí mítà fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ ṣì í tẹ̀. Wọ́n á wá fi kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ ti mítà yín nìkan ti gbogbo rẹ̀ pa. Ìdí nìyẹn tí tókìn aládùúgbò yín ò fi lè ṣiṣẹ́ nílé yín.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú yẹn. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Òun ló fà á tí wọ́n fi ní ká tẹ nọ́ńbà méjì kan sínú mítà ṣáájú ọjọ́ náà, kí mítà lè bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: áàpù tí ẹ fi sanwó kọ́ ló ń ṣe tókìn. Kò ní kọ́kọ́rọ́ mítà yín lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ lọ bèèrè ni.

Ìrìn àlọ àti ìrìn àbọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ara ń ta ẹja inú yìnyín. Ní alẹ́ Sátidé kan, iná tán nínú mítà rẹ̀, ẹja sì kún fíríìsà. Ó fi áàpù kan san 5,000 náírà. Owó kúrò, àmọ́ tókìn ò dé. Ó pè mí: "Àbúrò, ṣé kí n tún san án ni? Ẹja mi ò gbọ́dọ̀ yọ́ o."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lójú áàpù yẹn fún mi." Ohun tó kà nìyí:

```
Amount: 5000
Status: Pending
Reference: 8841-A7
Token:
```

Bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń lọ nìyí. Áàpù á gba owó, á fún ìrajà náà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, ìyẹn `Reference`. Á wá rán iṣẹ́ sí alágbàtà, alágbàtà á rán an sí sáfà tó ń ṣe tókìn. Sáfà á ṣe tókìn, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, á dá a padà fún alágbàtà, alágbàtà á gbé e fún áàpù.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà àlọ, kò sí tókìn kankan, owó ló yẹ kó padà. Bó bá já nígbà àbọ̀, tókìn ti wà, ó wà nínú ìwé sáfà. Áàpù kàn mọ̀ pé òun ránṣẹ́, òun ò sì gbọ́ èsì ni. Kò lè mọ ibi tí okùn ti já. Ìyẹn ni `Pending` túmọ̀ sí. Ìdí sì nìyẹn tí wọn ò fi tètè ń dá owó padà, torí bí wọ́n bá dá a padà, tí tókìn wá yọjú lẹ́yìn náà, gbèsè di tiwọn.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí áàpù fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Sáfà á wo ìwé rẹ̀. Bó bá ti ṣe tókìn, á tún òun gan-an fi ránṣẹ́, kò ní gba owó míì. Àmọ́ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìrajà lẹ́ẹ̀kejì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tuntun nìyẹn, owó tuntun sì ni.

Ohun tí a ṣe

Ẹja ò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, mo ní kí ẹ̀gbọ́n ra 1,000 náírà péré láti ibòmíràn, kí fíríìsà lè máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn dé kíákíá. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí àwọn aláàpù: nọ́ńbà mítà, `Reference`, iye owó, ọjọ́ àti aago. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó nílò píìnì káàdì yín tàbí nọ́ńbà OTP láti wá tókìn. Ẹni tó bá béèrè wọn, olè ni.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, tókìn 5,000 náírà dé. Ẹ̀rù ń ba ẹ̀gbọ́n pé mítà lè kọ̀ ọ́, torí ó ti tẹ tókìn tuntun ṣáájú. Mítà gbà á. Ìlànà STS ní kí mítà rántí ó kéré tán tókìn 50 tó wọlé kẹ́yìn. Èyí tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ó ti lò ó nìyẹn, kò ní gbà á mọ́. Èyí tó bá dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ó ti pẹ́ jù. Àmọ́ tókìn ọjọ́ méjì tí kò tíì wọlé rí, kò sí wàhálà.

Bí wọ́n bá ní àwọn ò rí tókìn nínú ìwé sáfà, ẹ béèrè owó yín. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti pàṣẹ pé owó ìrajà tí kò yọrí lórí POS tàbí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí 72.

Ibì kan wà tí gbogbo èyí ò ti lè ranni lọ́wọ́: bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà mítà kọ. Kọ́kọ́rọ́ mítà ẹlòmíì ni wọ́n á fi ti tókìn yẹn pa, kò sì ní ṣí nílé yín láéláé. Orúkọ tí áàpù máa ń gbé jáde kí ẹ tó sanwó, ẹ kà á dáadáa. Bí kì í bá ṣe orúkọ tó wà lórí mítà yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́.